PaCO2 tó ń padà sún mọ́ 35 lára alátọ̀gbẹ: ṣé ara ń yá ni, àbí agbára ìmí ló ń tán?

Àbúrò_Òkèfìà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìdánwò wa ti sún mọ́lé, àwa mélòó kan sì máa ń jókòó kàwé pọ̀ lálaalẹ́ ní Òkè-Fìà. Olùkọ́ fún wa ní ìbéèrè kan láti fi dánra wò, ó sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Orí ìwé ni aláìsàn yìí wà, kì í ṣe ẹni gidi.

Ọmọbìnrin ọdún 22 ni, alátọ̀gbẹ tó ti pa ínsúlíìnì tì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń bì, inú ń run ún, ìmí rẹ̀ jinlẹ̀ ó sì yára. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 28 mmol/L, kítóònù sì pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Wọn kò fi ọ́síjìn sí i nímú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan àlọ́ ní aago 8 àárọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi iyọ̀ àti ínsúlíìnì, wọ́n sì tún gba òmíràn ní aago 2 ọ̀sán. Láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn, kò sí potásíọ̀mù nínú omi tí wọ́n ń fún un.

```
                 aago 8    aago 2
pH               7.14      7.03
PaCO2 (mmHg)     18        31
HCO3 (mmol/L)    6         8
PaO2 (mmHg)      104       88
K  (mmol/L)      5.4       2.9
Na (mmol/L)      132       -
Cl (mmol/L)      94        -
Mímí/ìṣẹ́jú       36        20
SpO2             97%       96%
```

Àwọn kan nínú wa ní ara rẹ̀ ti ń yá: PaCO2 ti kúrò ní 18, ó ti ń sún mọ́ 35, ìmí rẹ̀ ti balẹ̀ sí 20, HCO3 náà ti gòkè díẹ̀. Àwọn yòókù ní bí ara bá ń yá, kí ló dé tí pH ń wálẹ̀? Èyí tó tún ń yọ èmi lẹ́nu ni ti aago 8. Nígbà tí PaCO2 wà ní 18, ṣé kò yẹ ká kọ ọ́ pé alikalọ́sísì ti èémí wà níbẹ̀ pẹ̀lú?

Káyọ̀_Ọláìyá

Èyí ò le rárá. Wo pH, kí o wo PaCO2. Bí wọ́n bá kọ̀yìn síra, tí ọ̀kan gòkè tí èkejì wálẹ̀, ti èémí ni. Bí wọ́n bá jọ lọ sí ọ̀nà kan náà, ti mẹtabọ́líìkì ni. Ní aago 8, pH wà nísàlẹ̀, PaCO2 wà nísàlẹ̀: mẹtabọ́líìkì. Ní aago 2, pH wà nísàlẹ̀, 31 náà ṣì kéré ju 35 lọ: mẹtabọ́líìkì náà ni. Ìdáhùn rẹ nìyẹn, ásídọ́sísì mẹtabọ́líìkì nígbà méjèèjì, ara sì ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Kò sí ti èémí níbì kankan.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù

Káyọ̀, ohun tí o sọ nípa aago 8 tọ̀nà. Ní ti aago 2, ọ̀nà tí o gbà yẹn ò lè bá ọ débẹ̀. Ó lè sọ ibi tí ìjàǹgbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ, kò lè sọ bóyá ìjàǹgbọ̀n kejì ti wọlé tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọbìnrin yìí. Kò sí ínsúlíìnì, nítorí náà ara rẹ̀ ń jó ọ̀rá, ọ̀rá yẹn ló ń di kítóònù, tí í ṣe ásíìdì. Ásíìdì yìí ń jẹ HCO3 tán, ìdí nìyẹn tó fi wálẹ̀ sí 6. Ọpọlọ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti kan, ó sì pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀fóró pé kó máa fẹ́ káábọ́ọ̀nù dàọ́kísáìdì jáde. Bí ó bá fẹ́ ẹ jáde púpọ̀, PaCO2 á wálẹ̀, pH ò sì ní já bọ́ tó bí ì bá ṣe já. Ìmí 36 tó jinlẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ni ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe. Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ló ń ṣe, nítorí náà a kì í pè é ní alikalọ́sísì ti èémí. Àbúrò, ìbéèrè rẹ kejì nìyẹn.

Ìbéèrè tó kù ni pé, báwo la ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ náà tó? Ìṣirò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Winters. Inú ásídọ́sísì mẹtabọ́líìkì nìkan ni ẹ ti lè lò ó, ẹ má gbé e lọ síbòmíràn:

```
PaCO2 tó yẹ = (1.5 × HCO3) + 8,  ±2
```

Ní aago 8, HCO3 jẹ́ 6. 1.5 lọ́nà 6 jẹ́ 9, fi 8 kún un, ó di 17. Ó yẹ kí PaCO2 wà láàárín 15 sí 19. A rí 18. Ẹ̀dọ̀fóró ò jẹ gbèsè.

Ní aago 2, HCO3 jẹ́ 8. 1.5 lọ́nà 8 jẹ́ 12, fi 8 kún un, ó di 20. Ó yẹ kó wà láàárín 18 sí 22. A rí 31. Fún ẹni tí HCO3 rẹ̀ jẹ́ 8, 31 ga jù lọ́pọ̀lọpọ̀. Káábọ́ọ̀nù dàọ́kísáìdì ń ṣẹ́kù sí i lára. Ásídọ́sísì ti èémí ti gun orí ti mẹtabọ́líìkì, bẹ́ẹ̀ a kò tíì rí nọ́ńbà kan tó ju 45 lọ. Ohun tó mú pH wálẹ̀ sí 7.03 nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé HCO3 gòkè díẹ̀.

Tí ọkọ̀ ojú omi bá jò, tí ẹni tó ń gbọ́n omi inú rẹ̀ sì dẹwọ́, ẹ má kọ́kọ́ rò pé omi ti dẹ́kun wíwọlé. Ẹ wò ó bóyá apá rẹ̀ ló ti kú. Kí ìmí kúrò ní 36 kó di 20 nígbà tí pH ń wálẹ̀, àárẹ̀ ni. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé irú aláìsàn yìí gan-an ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé wọ́ọ̀dù pé “ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń sùn dáadáa.”

Káyọ̀_Ọláìyá

Ó yé mi, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n SpO2 rẹ̀ jẹ́ 96%. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti rẹ̀, ṣé kò yẹ kí ìyẹn náà ti jábọ́?

Bàbá_Wọ́ọ̀dù

Ẹ̀rọ orí ìka kì í rí káábọ́ọ̀nù dàọ́kísáìdì. Ọ́síjìn nìkan ló ń wò, òun náà kì í sì í tètè fi hàn, nítorí pé láti PaO2 60 sókè, SpO2 kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Wo PaO2 rẹ̀: ó ti kúrò ní 104, ó ti di 88. Ìyàtọ̀ 16 nìyẹn, ẹ̀rọ ìka sì fi ẹyọ 1 péré hàn ọ́. Bí a bá wá fi ọ́síjìn sí i nímú, SpO2 lè di 100% kí PaCO2 ṣì máa gòkè lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ohun tí nọ́ọ̀sì lè fi mọ̀ láìsí ẹ̀rọ ni kó ka ìmí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kí ó má ka ìṣẹ́jú àáyá 15 kó wá fi ọ̀nà mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Kí ó wo bí àyà ṣe ń gbéra tó. Kí ó bi í ní ìbéèrè tó gba gbólóhùn gígùn, kó sì wo iye ọ̀rọ̀ tó lè sọ kó tó mí. Ẹni tí ń dáhùn ní aago 8 tí kò wá ju kó mi orí lọ ní aago 2 kò balẹ̀ rárá.

Ìyá_Ìgbóǹnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ásíìdì lẹ ń sọ. Ọmọ mi ọkùnrin ní ọgbẹ́ inú, ásíìdì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, láti àná ló ti ń bì omi kíkan. Ẹnì kan ní kí n po káún sómi kí n fún un kó lè pa ásíìdì náà. Ṣé kí n fún un?

Àǹtí_Aṣúbíáro

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní káún. Ásíìdì inú ikùn lẹ̀yin ń sọ, ti inú ẹ̀jẹ̀ làwọn ọmọ wọ̀nyí ń kà. Bí ọmọ yín ṣe ń bì, ásíìdì ló ń dà jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti ya sí òdì kejì, kí potásíọ̀mù rẹ̀ sì ti máa lọ sílẹ̀. Káún á tún tì í síwájú ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n wò ó bóyá omi ti tán lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, tàbí nǹkan dúdú bí ìsàlẹ̀ kọfí, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wò ó, ìbéèrè Màmá kan yín. Ọmọbìnrin inú ìwé yín náà ń bì. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èébì ò ti dá alikalọ́sísì sílẹ̀ lábẹ́ ásídọ́sísì yẹn, tí àwọn méjèèjì sì ń bo ara wọn mọ́lẹ̀?

Àbúrò_Òkèfìà

Àǹtí, a ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Àlàfo áníọ́ọ̀nù ni àbí?

Àǹtí_Aṣúbíáro

Òun ni. Mú sódíọ̀mù, yọ kílóráìdì kúrò, yọ HCO3 kúrò. 132, yọ 94, ó ku 38. Yọ 6, ó ku 32. Nǹkan bí 12 ló yẹ kó jẹ́, nítorí náà ó fi 20 lé. Ogún yẹn ni ásíìdì àlejò tó wọlé. HCO3 tó yẹ kó jẹ́ 24 ti di 6, ó fi 18 dín. Ogún wọlé, méjìdínlógún ni wọ́n jẹ. Wọ́n fẹ́ẹ̀ dọ́gba, nítorí náà kítóònù nìkan ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, èébì ò tíì fi bẹ́ẹ̀ kan ẹ̀jẹ̀.

Ká ní àlàfo ṣì jẹ́ 32 ṣùgbọ́n HCO3 jẹ́ 16 ńkọ́? Ogún wọlé, mẹ́jọ péré ló lọ. Á jẹ́ pé HCO3 rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀ kí kítóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, èébì ló sì máa ń gbé e ga bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí pH bá fẹ́ẹ̀ dáa lójú nínú irú rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń ní aláìsàn ò le. Ẹ ka àlàfo náà kódà nígbà tí pH bá jẹ́ 7.38.

Ará_Láàbù

Ẹ̀yin èèyàn wọ́ọ̀dù, ẹ ti gba nọ́ńbà aago 2 gbọ́ pátápátá, kò sẹ́ni tó béèrè bí wọ́n ṣe gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ìwé ló kọ eléyìí, ẹ lè gbà á bẹ́ẹ̀. Lórí aláìsàn gidi, ohun àkọ́kọ́ tí màá béèrè nìyẹn.

Hẹ́párínì olómi ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ kàn fẹ́ kó ra inú sírínjì ni, lẹ́yìn náà kí ẹ tì í dà nù tán. Bí wọ́n bá fi ìdá mẹ́rin mílílítà sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ mílílítà 1 péré lé e, ìdá márùn-ún gbogbo rẹ̀ ni hẹ́párínì. PaCO2 á wálẹ̀, HCO3 á wálẹ̀, pH ò ní yí púpọ̀, nítorí náà àbájáde á dà bí ásídọ́sísì mẹtabọ́líìkì tí ara ti tún ṣe. Sírínjì tí hẹ́párínì gbígbẹ ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ dáa ju ìyẹn lọ, bí apá bá ká owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni afẹ́fẹ́. Bí hóró afẹ́fẹ́ bá wà nínú sírínjì, ẹ lé e jáde lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó dé e. Kò sí káábọ́ọ̀nù dàọ́kísáìdì nínú afẹ́fẹ́ tó ṣeé sọ, nítorí náà PaCO2 á wálẹ̀, PaO2 á sì máa rìn lọ sí ìhà 150. Bí ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán bá ní PaO2 140, ẹ bi ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ náà léèrè.

Ẹ̀kẹta ni ìdádúró. Ẹ̀jẹ̀ inú sírínjì ṣì wà láàyè: ó ń jẹ ọ́síjìn, ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú káábọ́ọ̀nù dàọ́kísáìdì jáde. Bí ẹ bá fún mọ̀lẹ́bí ní sírínjì pé kó gun ọ̀kadà gbé e lọ sí láàbù míì ní ìhà Ọláìyá, nínú oòrùn ọ̀sán àti sún-kẹẹrẹ ọkọ̀, PaCO2 á gòkè, pH á wálẹ̀, PaO2 náà á wálẹ̀. Ìhà kan náà ni gbogbo rẹ̀ forí lé bíi ti ẹni tí ìmí ń tán nínú rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ jẹ́ kó dé orí ẹ̀rọ láàárín 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ gbà á sára rẹ̀. Àmọ́ ìdádúró ogún ìṣẹ́jú ò lè gbé 18 dé 31.

Káyọ̀_Ọláìyá

Ká kúkú fi yìnyín tọ́jú rẹ̀ nígbà náà.

Ará_Láàbù

Àríyànjiyàn wà lórí ìyẹn. Sírínjì ike máa ń jẹ́ kí ọ́síjìn gba ara rẹ̀ kọjá, yìnyín sì tún ń fi kún un, nítorí náà PaO2 lè ga lófo. Bí yóò bá tètè dé ẹ̀rọ, èmi ò fẹ́ yìnyín. Bí ó bá máa pẹ́, àwọn kan fẹ́ ẹ nítorí PaCO2 àti ṣúgà. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé kí sírínjì má kan yìnyín gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ á fọ́, potásíọ̀mù á sì ga lórí irọ́.

Ẹ tún mọ èyí: ẹ̀rọ kì í wọn HCO3. pH àti PaCO2 ló ń wọ̀n, òun ló wá ń ṣírò HCO3 láti inú wọn. Bí PaCO2 bá ti bàjẹ́, HCO3 náà ti bàjẹ́ tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì bá ara wọn mu rẹ́gí bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nítorí náà ẹ fi HCO3 orí ẹ̀rọ wé báíkábọ́nẹ́ẹ̀tì tí láàbù wọ̀n láti inú iṣan àbọ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 3 tàbí 4 lọ, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ míì.

Àbúrò_Òkèfìà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku potásíọ̀mù. Ní aago 8, ó jẹ́ 5.4, ó ga. Kí ló dé tó fi di 2.9 ní wákàtí mẹ́fà? Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ ìmí yìí?

Bàbá_Wọ́ọ̀dù

Ó kàn án gan-an, ibẹ̀ lẹni tó kọ ìbéèrè yẹn fẹ́ kí ẹ dé.

5.4 yẹn ń tan èèyàn ni. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń fi ìtọ̀ àti èébì da potásíọ̀mù nù. Èyí tó kù nínú ara rẹ̀ ti dín púpọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ínsúlíìnì ò sí, ó jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì wá sínú ẹ̀jẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni láàbù ti ń wò ó. Gbàrà tí ínsúlíìnì wọlé, ó tì í padà sínú sẹ́ẹ̀lì, àìtó tó wà níbẹ̀ látilẹ̀ sì hàn síta. Ní 5.4, ó dáa bí dókítà ò bá tíì fi potásíọ̀mù sínú omi. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wákàtí mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó tún un wò. Wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ti fi potásíọ̀mù sínú omi nígbà tó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 5, bí ìtọ̀ bá ń jáde dáadáa.

Ní 2.9, iṣan ẹran ara á di aláìlágbára, iṣan tí a fi ń mí sì wà lára wọn. Ẹni tó ti ń mí ìmí 36 láti àárọ̀, tí iṣan ìmí rẹ̀ wá pàdánù agbára, ibo ló máa ti rí okun tí yóò fi gbé PaCO2 dúró sí 20? Ọkàn náà lè lù gbọ́ngbọ̀ngbọ́n kó sì gba ibòmíràn, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Nítorí náà, ní aago 2 yẹn, kí nọ́ọ̀sì pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí ó má sọ pé “àbájáde ti dé.” Kí ó ní: “Alátọ̀gbẹ tó ní kítóònù. pH rẹ̀ ti wálẹ̀ láti 7.14 sí 7.03. PaCO2 rẹ̀ jẹ́ 31, 20 ló yẹ kó jẹ́. Ìmí rẹ̀ ti di 20, kò jinlẹ̀ mọ́. Potásíọ̀mù jẹ́ 2.9, ínsúlíìnì ṣì ń wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí a dá ínsúlíìnì náà dúró ná?” Bí potásíọ̀mù bá wà lábẹ́ 3.3, àwọn ìlànà kan ní 3.5, wọ́n máa ń dá ínsúlíìnì dúró títí yóò fi gòkè. Potásíọ̀mù fúnra rẹ̀, inú omi ni a ti ń fún un, díẹ̀díẹ̀, láàárín 10 sí 20 mmol ní wákàtí kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. Kò sí ọjọ́ tí a ń fi sírínjì tì í wọ iṣan. Pípa ló ń pa.

Káyọ̀_Ọláìyá

Kí wọ́n kúkú fún un ní báíkábọ́nẹ́ẹ̀tì. pH 7.03 kì í ṣe eré.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù

Báíkábọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá pàdé ásíìdì á di káábọ́ọ̀nù dàọ́kísáìdì àti omi. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè fẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ jáde lo fẹ́ fi kún ẹrù rẹ̀ yẹn. Ó tún máa ń ti potásíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì, 2.9 sì lè di 2.4. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà kan máa ń fún un bí pH bá wà lábẹ́ 7.0, àwọn míì á ní àfi lábẹ́ 6.9. Ọ̀rọ̀ wọn ò tíì dọ́gba. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ìmí rẹ̀ ń tán, ìrànlọ́wọ́ ìmí ló kọ́kọ́ kàn.

Àǹtí_Aṣúbíáro

Lórí ìrànlọ́wọ́ ìmí yẹn, ewu kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Bí wọ́n bá ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, tí wọ́n sì to ẹ̀rọ ìmí sí iye tí wọ́n máa ń tò ó fún ẹnikẹ́ni, 14 ní ìṣẹ́jú kan, tí PaCO2 fi wá di 40 tí gbogbo ayé ń pè ní iye tó dáa, ẹ ṣírò pH rẹ̀:

```
H+ (nmol/L) = 24 × PaCO2 ÷ HCO3
24 × 40 ÷ 8 = 120   →  pH 6.92
24 × 31 ÷ 8 = 93    →  pH 7.03
24 × 20 ÷ 8 = 60    →  pH 7.22
```

HCO3 ò yí padà rárá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. PaCO2 nìkan ló yí. Nítorí náà, bí ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ, ẹ béèrè pé: “PaCO2 mélòó la fẹ́?” Bí ẹ bá gbọ́ 40, ẹ rán wọn létí HCO3 aláìsàn náà.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan náà, Bàbá. Ṣé ó pọn dandan kí wọ́n máa gún ọmọ yìí lọ́wọ́ níbi iṣan àlọ́ ní gbogbo ìgbà? Ó máa ń dùn wọ́n gan-an, iṣan sì lè dí. pH iṣan àbọ̀ ò fi ju nǹkan bí 0.03 lọ dín, HCO3 náà fẹ́ẹ̀ bára mu.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù

Fún pH àti HCO3 bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìtọ́jú láti wákàtí dé wákàtí, mo gbà pẹ̀lú yín, iṣan àbọ̀ tó. Fún PaCO2 lára ẹni tí mo ń fura sí pé ìmí ń tán nínú rẹ̀, mi ò gbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì máa ń pọ̀ sí i bí ẹ̀jẹ̀ ò bá ṣàn dáadáa, ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀ ni a sì ń sọ.

Àǹtí_Aṣúbíáro

Ṣùgbọ́n bí ti iṣan àbọ̀ bá jẹ́ 24, ti àlọ́ ò ní ga jù ú lọ. Nọ́ńbà kékeré níbẹ̀ ti tó fún mi láti fọkàn balẹ̀. Bí ó bá ga ni màá tó gún iṣan àlọ́.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù

Ọ̀nà kan nìyẹn. Èmi ṣì fẹ́ràn àlọ́ fún ti àkọ́kọ́.

Àbúrò_Òkèfìà

Báyìí la máa wá kọ ìdáhùn wa. Aago 8: ásídọ́sísì mẹtabọ́líìkì tó ní àlàfo gíga, ìmí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Aago 2: ásídọ́sísì mẹtabọ́líìkì pẹ̀lú ásídọ́sísì ti èémí, àárẹ̀ iṣan ìmí àti potásíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ ló fà á. Ṣé ó pé?

Ará_Láàbù

Ẹ má kọ pé àlàfo ṣì ga ní aago 2. Wọn ò fún yín ní sódíọ̀mù àti kílóráìdì ìgbà yẹn. Omi iyọ̀ tí wọ́n ti ń fún un láti àárọ̀ kún fún kílóráìdì, ó sì lè ti sọ apá kan lára ásídọ́sísì yẹn di irú tí kò ní àlàfo.

Káyọ̀_Ọláìyá

Mo ní ìbéèrè kan sí i. Ká ní PaCO2 aago 2 jẹ́ 24 dípò 31. Ìṣirò ní 18 sí 22. Méjì péré ló fi lé. Ṣé màá pe dókítà lórí méjì?

Bàbá_Wọ́ọ̀dù

Nọ́ńbà yẹn nìkan ò tó láti fi ké gbàjarè. Wo ìmí rẹ̀ àti bó ṣe ń dáhùn. Bí ó bá jẹ́ 34 tó jinlẹ̀, tó sì ń dá ọ lóhùn, kọ ọ́ sílẹ̀, sọ fún ẹni tó jù ọ́ lọ, kí ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ gbà láàárín 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ 24 kan náà, ṣùgbọ́n tí ìmí ti di 22 tó ń gbéra díẹ̀díẹ̀, má dúró de ẹ̀jẹ̀ kejì.

Káyọ̀_Ọláìyá

Bí ẹ̀rọ ò bá sí, tàbí tí iná ò sí ní òru náà ńkọ́?

Àǹtí_Aṣúbíáro

Ka ìmí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o kọ iye àti bó ṣe jinlẹ̀ tó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí iye bá ń wálẹ̀ nígbà tí òórùn kítóònù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń kú lọ, pè wọ́n ní òru náà.

Ìyá_Ìgbóǹnà

Ẹ ṣé o, Àǹtí. A ti ń gbé e lọ.